Nígbà Tí Apá Kan Ara Bá Rọ Lójijì: Wákàtí Àkọ́kọ́

Ohun tó ń tan ará ilé jẹ jù lọ nípa àrùn rọpárọsẹ̀ ni pé kì í sábà dun èèyàn. Ẹni tí egungun rẹ̀ kán yóò ké. Ẹni tí inú ń run yóò ká jọ sórí ibùsùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lè jókòó sórí àga rẹ̀, kó máa wò yín, kó sì sọ pé, "Kò sí nǹkan kan, ó kàn rẹ̀ mí ni." Síbẹ̀ ife ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bàtà ti bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò mọ̀, itọ́ sì ń dà ní igun ẹnu rẹ̀ kan. Nítorí pé kò sí ìrora, wọ́n á ní kó lọ sùn, bí ilẹ̀ bá mọ́ ara á ti balẹ̀. Bí ilẹ̀ bá wá mọ́, apá náà kò ní gbé mọ́.

Wákàtí àkọ́kọ́ yìí nìkan ni orí ìwé yìí dá lé: bí ẹ ṣe máa dá àrùn náà mọ̀, bí ẹ ṣe máa ka aago rẹ̀, àti àwọn nǹkan tí wọ́n ń fi ọkàn rere ṣe nílé tó ń jẹ àkókò náà tán.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú orí

Apá òsì ọpọlọ ló ń darí apá ọ̀tún ara, apá ọ̀tún ọpọlọ ló sì ń darí apá òsì. Ìdí nìyẹn tí àrùn yìí fi máa ń mú ìhà kan, tí ìhà kejì á sì wà bó ṣe wà. Ọpọlọ kì í tọ́jú oúnjẹ pa mọ́. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ bá gbé wá ní ìṣẹ́jú yìí ló ń jẹ ní ìṣẹ́jú yìí. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí iṣan kan, tàbí bí iṣan náà bá bẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ sì ń dà sínú ọpọlọ, ibi tí iṣan náà ń bọ́ yóò dákẹ́ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Èyí tó jẹ́ pé iṣan dí ló wọ́pọ̀ jù, inú rẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú ti ṣe kedere jù. Àárín gbùngbùn ibi tí kò rí ẹ̀jẹ̀ rárá máa ń kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n yí i ká ni ibi tó fẹ̀ jù ú lọ wà, tó ṣì ń rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn iṣan àdúgbò. Ẹ̀jẹ̀ yẹn kò tó láti ṣiṣẹ́, ó kàn tó láti má ṣe kú ni. Nítorí náà, apá tí ẹ rí tó rọ ní aago mẹ́jọ alẹ́, kì í ṣe gbogbo ohun tó ń darí rẹ̀ ló ti kú. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń dúró de ẹ̀jẹ̀ ni. Bí ọ̀nà bá tètè là, apá náà lè gbé padà. Bí kò bá là, ibi tó kú yóò máa fẹ̀ sí i, yóò máa gba ibi tó ń dúró. Lọ́dún 2006, dókítà ọpọlọ kan ní Amẹ́ríkà, Jeffrey Saver, ṣírò rẹ̀ pé bí iṣan ńlá kan bá dí tí wọn kò tọ́jú rẹ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9 sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ló ń kú ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn kì í hù padà.

Ti iṣan tó bẹ́ náà ní kánjúkánjú tirẹ̀, torí pé láàárín wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú ọpọlọ máa ń pọ̀ sí i.

Bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ ní kí onítọ̀hún ṣe, gbogbo rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ ní kó rẹ́rìn-ín kí ẹ rí eyín rẹ̀: ṣé igun ẹnu méjèèjì jọ gòkè, àbí ọ̀kan wọ́ sílẹ̀? Ẹ ní kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè, kó di ojú, kí ẹ sì ka ení, èjì títí dé ẹ̀wá: ṣé ọ̀kan ń rọra wálẹ̀, àbí kò tilẹ̀ gbéra? Ẹ wá ní kó wí gbólóhùn kan tẹ̀lé yín, irú bíi, "Ọjà Bódìjà ni mo ń lọ láàárọ̀ yìí." Ẹ gbọ́ bóyá ọ̀rọ̀ wúwo lẹ́nu rẹ̀, bóyá ó ń sọ ohun mìíràn, tàbí kò yé e rárá ohun tí ẹ ní kó ṣe. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yí padà lójijì, ó ti tó láti gbéra lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má dúró de méjì yòókù. Ẹsẹ̀ kan tó ń wọ́lẹ̀, ojú kan tó ṣú lójijì, tàbí kí èèyàn máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lójijì tí kò lè dúró, wọ̀nyí náà jẹ́ àmì.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé mọ̀. Bí àrùn náà bá mú apá ọ̀tún ọpọlọ, tí apá òsì ara sì rọ, ó lè mú pẹ̀lú rẹ̀ ibi tí èèyàn fi ń mọ̀ pé ara òun kò dá. Ẹni bẹ́ẹ̀ yóò jiyàn. Yóò bínú pé kí ni ẹ ń yọ òun lẹ́nu fún. Bí ẹ bá gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ tó rọ síwájú rẹ̀, ó lè ní kì í ṣe ọwọ́ òun. Irọ́ kọ́ ló ń pa, agídí kọ́ sì ni. Àìsàn náà ló ń sọ̀rọ̀. Nítorí náà ohun tí ojú yín rí lẹ́nu àti lápá rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé, ẹ má tẹ̀ lé "ara mi dá" tó ń sọ.

Àwọn kan máa ń bi mí nípa ẹnu tó wọ́ nìkan, tí apá àti ẹsẹ̀ kò sì ṣe nǹkan. Àìsàn iṣan ojú kan wà tó ń fa ẹnu wọ́ tí kì í ṣe rọpárọsẹ̀. Nínú rẹ̀, iwájú orí náà kì í lè hunjọ, ojú ẹ̀gbẹ́ náà kì í sì lè dé dáadáa. Nínú rọpárọsẹ̀, iwájú orí sábà máa ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n dókítà ni kí ó fi èyí ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, kì í ṣe ẹ̀yin nínú yàrá lóru.

Aago tí dókítà máa béèrè

Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe "Ìgbà wo ni ẹ bá a nílẹ̀?" Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni ìgbà tí ẹnikẹ́ni rí i kẹ́yìn tí ara rẹ̀ dá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka wákàtí. Bí màmá bá wọlé sùn ní aago 10 alẹ́ tí ara wọn le, tí ẹ sì bá wọn ní aago 6 àárọ̀ tí ẹsẹ̀ ti rọ, wákàtí 8 ni dókítà yóò kà, torí kò sí ẹni tó mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ lóru. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá gbọ́ tí wọ́n jí lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní aago 5, tí wọ́n sì kí i dáadáa, wákàtí kan péré ni yóò kà. Ẹ bi gbogbo ará ilé, títí kan ọmọdé àti ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ wo fóònù onítọ̀hún pẹ̀lú: ìpè tó ṣe kẹ́yìn ní aago lára, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ yóò sì lè sọ bóyá ohùn rẹ̀ já gaara. Ẹ kọ aago náà sórí ìwé tàbí sí ẹ̀yìn ọwọ́ yín.

Ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu

Epo pupa ló máa ń kọ́kọ́ dé, àdín tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àgbo, tàbí omi tí wọ́n ti gbàdúrà sí. Àrùn tó mú ẹnu wọ́ lè mú ọ̀nà ọ̀fun pẹ̀lú. Ohun tí ẹ rò pé ó ń gbé mì lè máa lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀pọ̀ ẹni tí rọpárọsẹ̀ kò pa ní ọjọ́ kìn-ín-ní, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ló ń pa wọ́n lẹ́yìn náà, irú nǹkan báyìí sì wà lára ohun tó ń fà á. Omi lásán náà kò yẹ títí nọ́ọ̀sì yóò fi yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò.

Asipiríìnì ńkọ́? Àwọn tó ti gbọ́ pé ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ má dì máa ń sáré wá a. Ó dára fún èyí tí iṣan dí. Ó léwu fún èyí tí iṣan bẹ́, kò sì sí ojú tó lè wo ẹni tó ṣubú kó mọ èwo ló jẹ́. Ẹ̀rọ síkáànù ló lè sọ ọ́.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ba nǹkan jẹ́ láìfura jù. Wọ́n á gbé aláìsàn lọ sí kẹ́míìsì ìdí ilé, wọ́n á wọn ìfúnpá rẹ̀, wọ́n á bá a ní 200 lórí 110. Gbogbo èèyàn á fòyà, wọ́n á sì fi nìfẹdípìnì sí i lábẹ́ ahọ́n kó lè sáré wálẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣan dí, ara fúnra rẹ̀ sábà máa ń gbé ìfúnpá sókè, ìfúnpá yẹn sì ló ń ti ẹ̀jẹ̀ gba àwọn iṣan àdúgbò kọjá sí ibi tó ń dúró. Bí ẹ bá já a wálẹ̀ lójijì, ẹ gba ìwọ̀nba tí ibẹ̀ ń rí. Fún ẹni tí iṣan dí tí wọn kò sì ní fún ní oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, àwọn dókítà sábà máa ń fi ìfúnpá sílẹ̀ bó ṣe wà ní ọjọ́ àkọ́kọ́, àyàfi bó bá ju 220 lórí 120 lọ. Bí wọ́n bá máa fún un ní oògùn náà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 185 lórí 110. Bó bá jẹ́ pé iṣan bẹ́ ni, wọ́n lè sọ ọ́ kalẹ̀ sí nǹkan bíi 140. Ọ̀nà mẹ́ta tó yàtọ̀ síra gan-an nìyí, síkáànù ló sì ń yà wọ́n. Kò sí kẹ́míìsì tó lè mọ̀ ọ́n.

Ti pé wọ́n ta á lọ́fà, pé àfiṣe ni, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́. Ẹ máa gbàdúrà nínú ọkọ̀. Ẹ pe pásítọ̀ tàbí àlùfáà kí wọ́n wá bá yín ní ilé ìwòsàn. Ẹ má kọ́kọ́ yà sí ibòmíràn, ẹ má sì sín gbẹ́rẹ́ sí i lára, nítorí oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì lè jẹ́ kí ojú gbẹ́rẹ́ máa ṣẹ̀jẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan láti Àpẹtẹ́

Èmi ni mo to àpẹẹrẹ yìí jọ, kì í ṣe ìtàn ẹnì kan pàtó. Ìyá ẹni ọdún 58 kan ń gbé ní Àpẹtẹ́, n'Ìbàdàn. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn wọn sì ti tán láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ní aago 7:48 alẹ́ wọ́n pe ọmọ wọn obìnrin tó wà ní Òṣogbo, ìpè náà sì parí ní 7:55. Ní 8:05 ọmọ wọn ọkùnrin gbọ́ tí àwo fọ́ nínú ilé ìdáná. Ó bá wọn tí wọ́n fara ti ògiri.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rẹ́rìn-ín sí mi."

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu wọn, igun ẹnu òsì kò sì gbéra. Ó ní kí wọ́n na ọwọ́ méjèèjì. Ti ọ̀tún dúró, ti òsì jábọ́. Wọ́n ní ara àwọn le, kó jẹ́ kí àwọn ro àmàlà àwọn.

Aládùúgbò kan ti gbé epo dé. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Mà. Ẹ bá wa gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ má fi nǹkan kan sí wọn lẹ́nu. Ẹ bá mi pe Bàbá lókè kí wọ́n gbé mọ́tò jáde." Bó ti ń sọ èyí, àbúrò rẹ̀ ń pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì ní Nàìjíríà. (Ní Èkó, 767 náà wà.) Ẹni tó gbé e kò lè sọ ìgbà tí ọkọ̀ aláìsàn yóò dé, wọn kò sì dúró dè é. Màmá fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ sórí àga ẹ̀yìn mọ́tò, torí pé bí èébì bá gbé wọn, kó lè dà síta. Ọmọ náà kó káàdì ilé ìwòsàn wọn àti páálí oògùn wọn dání, ó sì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Òṣogbo: ṣé ohùn Màmá já gaara títí ìpè fi parí? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ náà kọ "7:55" sẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀.

Wọ́n kọjá ilé ìwòsàn kékeré méjì lójú ọ̀nà láìyà. Wọ́n gba Sáńgò àti Mọ́kọ́lá lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé síkáànù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lóru. Ní 8:50 wọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà. Gbólóhùn tí ọmọ náà sọ fún nọ́ọ̀sì kò gùn: "Rọpárọsẹ̀ ni a rò, ara wọn ṣì dá ní aago 7:55." Bí èèyàn bá sọ pé "Màmá mi ń ṣàìsàn" nìkan, wọ́n lè ní kó lọ tò sórí ìlà.

Wọ́n kọ́kọ́ gún ìka wọn láti wo ṣúgà ẹ̀jẹ̀, nítorí ṣúgà tó lọ sílẹ̀ jù lè mú apá kan ara rọ bí ẹni pé rọpárọsẹ̀ ni, tí wọ́n bá sì fi ṣúgà sí iṣan, ara á padà bọ̀ sípò. Tiwọn kò lọ sílẹ̀. Ní 9:20 wọ́n ti ya síkáànù.

Ohun tí síkáànù sọ, àti ohun tí kò sọ

Ní wákàtí àkọ́kọ́ tí iṣan dí, síkáànù lè má fi nǹkan kan hàn. Ibi tó ń dúró kò tíì yí àwọ̀ padà. Ohun tó ń fi hàn kíá ni ẹ̀jẹ̀ tó dà. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní "síkáànù kò rí ẹ̀jẹ̀," wọn kò sọ pé kò sí rọpárọsẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó ṣeé ṣe láti ronú nípa oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì. Àwọn ará ilé kan ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì gbé aláìsàn lọ sílé. Apá rírọ̀ tó wà níwájú yín ni ẹ̀rí, kì í ṣe fọ́tò náà nìkan.

Alitepilésì ni wọ́n ti ń lò tipẹ́ láti tú ẹ̀jẹ̀ dídì náà. Àyẹ̀wò ńlá tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1995 ló kọ́kọ́ fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá fún èèyàn láàárín wákàtí 3. Lọ́dún 2008 ti ilẹ̀ Yúróòpù fi hàn pé ó ṣì wúlò dé wákàtí 4 àti ààbọ̀. Ṣùgbọ́n ìwúlò rẹ̀ ń dín bí aago ti ń sáré. Nígbà tí wọ́n kó àwọn àyẹ̀wò náà jọ, nínú 100 èèyàn tí wọ́n fún láàárín wákàtí 3, bíi 10 tí ìbá ti di aláàbọ̀ ara ni kò dà bẹ́ẹ̀ nítorí oògùn náà. Láàárín wákàtí 3 sí 4 àti ààbọ̀, bíi 5 ni. Oògùn náà léwu pẹ̀lú: nínú àyẹ̀wò ọdún 1995, bíi 6 nínú 100 ló ní ẹ̀jẹ̀ dídà nínú ọpọlọ. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń béèrè bóyá wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ lẹ́nu àìpẹ́, tàbí bóyá aláìsàn ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Wọ́n á béèrè ìwúwo rẹ̀ náà, torí òun ni wọ́n fi ń ṣírò oògùn: mílígíráàmù 0.9 fún kílò kan, kò gbọ́dọ̀ ju 90 lọ. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni wọ́n ń fún un lẹ́ẹ̀kan náà, ìyókù á máa wọlé fún wákàtí kan. Ìyá tiwa wọn kílò 70, nítorí náà 63 ni tiwọn. Wọ́n kọ́kọ́ fi oògùn inú iṣan rọra sọ ìfúnpá wọn kalẹ̀ láti 196, oògùn sì wọlé ní 9:40. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 45 ló ti kọjá láti 7:55.

Ẹ jẹ́ ká tún un sọ lọ́nà kejì. Epo wọlé, Màmá húkọ́. Wọ́n gbé wọn lọ sí kílíníìkì àdúgbò, wọ́n fún wọn ní nìfẹdípìnì lábẹ́ ahọ́n, wọ́n so omi mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n ní kí ilẹ̀ mọ́. Ní aago 8 àárọ̀ dókítà dé, ó kọ ìwé pé kí wọ́n máa gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ fẹ́ràn Màmá, kò sí ẹni tó jókòó tẹtẹrẹ. Wákàtí 12 ti lọ, oògùn yẹn kò sì wúlò mọ́.

Mi ò ní fi ara pamọ́ fún òtítọ́: ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn nílùú wa kì í ní oògùn náà nílẹ̀, owó rẹ̀ sì ga. Síbẹ̀ ẹ sáré lọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló ń dà, kò sí ohun tí alitepilésì ní í ṣe níbẹ̀, ìfúnpá tí wọ́n tètè sọ kalẹ̀ ló wúlò. Bó bá jẹ́ iṣan ló dí, asipiríìnì tí wọ́n fún un lẹ́yìn síkáànù ń dín bí ó ṣe lè tún ṣẹlẹ̀ kù. Àyẹ̀wò ọ̀fun, ṣúgà, ìwọ̀n ooru ara àti yíyí ara aláìsàn padà lórí ibùsùn ń gba ẹ̀mí là.

Kó tó di ọjọ́ náà

Kí ẹnìkan nínú ilé lọ béèrè ohun mẹ́ta ní ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín: ṣé síkáànù wọn ń ṣiṣẹ́ lóru àti lọ́jọ́ Àìkú, ṣé wọ́n ní oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, èló sì ni wọ́n ń gbà kí wọ́n tó ya síkáànù? Ibi tó bá ní síkáànù tó ń ṣiṣẹ́ lóru ni kí ẹ kọ sára ògiri, kódà bí ó jìnnà díẹ̀ ju ti ìdí ilé lọ. Kí iye owó náà wà níbi tí èèyàn méjì ti lè rí i mú lóru. Ilé tí ẹlẹ́jẹ̀ ríru wà ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣe é. Nínú ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣáájú ní Nàìjíríà àti Gánà, tó jáde lọ́dún 2018, níbi tí wọ́n ti fi ẹni tó lé ní 2,000 tí rọpárọsẹ̀ mú wé àwọn tí kò mú, ẹ̀jẹ̀ ríru ló borí gbogbo ohun tó ń fà á. Ilé tí ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde wà náà kò gbọ́dọ̀ gbàgbé pé rọpárọsẹ̀ ń mú ọmọdé.

Bí ẹbí yín tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Húsítìnì bá rí àmì yìí lára ara wọn, kí wọ́n pe 999 tàbí 911, kí wọ́n má wa mọ́tò fúnra wọn. Níbẹ̀, bí iṣan ńlá ló dí, àwọn ilé ìwòsàn kan lè ti ọ̀nà iṣan itan wọlé lọ fa ẹ̀jẹ̀ dídì náà jáde. Fún àwọn kan tí síkáànù bá fi hàn pé ibi tó ń dúró ṣì pọ̀, wọ́n lè ṣe é títí dé wákàtí 24. Nítorí náà, ẹni tó jí lójú oorun pẹ̀lú apá rírọ̀ níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ rò pé ó ti pẹ́ jù.

Nígbà mìíràn, kí ẹ tó wọ ọkọ̀ pàápàá, ẹnu á ti padà tọ́, apá á ti gbé, wọ́n á sì ní ó ti lọ. Ẹ̀jẹ̀ dídì náà tú fúnra rẹ̀ ni. Láàárín ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e ni ewu pé èyí tó tóbi yóò dé ti pọ̀ jù lọ. Ẹ má bọ́ aṣọ, ẹ má padà sínú ilé. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì sọ fún dókítà iye ìṣẹ́jú tí apá náà fi rọ.